Lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ èlùbọ́ ní Mọ́níyà

Mánṣẹ́sítà,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
14 Oṣù Kìíní, 2025.

Ẹ̀yin ìyá wa, Alhaja,

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú iṣẹ́ ajé. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Òjòó ló ra èlùbọ́ yín ní Bódìjà, tó fi kílò méjì rán ẹni tó ń bọ̀ sí mi nígbà Kérésì. Alẹ́ ọjọ́ tó dé ni mo fi ro àmàlà. Kò ní iyanrìn, kò kan, ó sì fà. Ọkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa ń fi àmàlà wa ṣe yẹ̀yẹ́, bu ẹ̀ẹ̀kejì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Àdó ni mí. Nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ mi, àmọ́ èmi àti ọkọ mi ti forúkọ ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ níbí. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà méjì ti gbà láti máa ra èlùbọ́ lọ́wọ́ wa. Irinwó kílò (400) la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nínú ọ̀rá kílò kan àti kílò méjì.

Ẹ dákun, àpẹẹrẹ ọjà ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Kì í ṣe èyí tí ẹ máa dìídì ṣà fún mi o. Kílò méjì méjì nínú èyí tí ẹ lọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ̀ ọ́ sára ọ̀rá. Màá san owó rẹ̀ àti owó tí wọ́n máa fi gbé e wá. Màá ro díẹ̀, màá sì gbé ìyókù lọ fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò oúnjẹ, kí wọ́n wo bó ṣe gbẹ tó, bóyá májèlé èbu wà nínú rẹ̀, àti bóyá ẹnì kan fi láfún lú u. Ẹ jẹ́ ká tún di ọ̀rá mẹ́ta nínú èlùbọ́ kan náà, ká lẹ̀ ẹ́ pa, ká fọwọ́ sí i lára: ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ àbúrò mi. Bí ẹrù bá dé tí kò rí bí èyí tá a jọ fọwọ́ sí, ọ̀rá yẹn ni yóò ṣèdájọ́ láàárín wa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tapíapíà ń kó mi láyà sókè. Ẹ rántí pé láti 2015 ni àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀wà gbígbẹ tó ń wá láti Nàìjíríà, torí oògùn kòkòrò tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ni ẹ̀yin fi ń lé kòkòrò lára iṣu tí ẹ sá? Ibo lẹ ń sá a sí, orí àpáta ni àbí ẹ̀bá títì? Ẹ bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ẹ má bínú sí ìbéèrè tó kàn yìí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo san gbogbo owó fún ẹnì kan kí n tó rí ọjà. Kòkòrò ti lu èyí tó dé, ìdajì rẹ̀ ni mo sì dà nù. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó rí ekòló á sá. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà RC yín ní CAC ránṣẹ́, àti nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀rá, kí n lè yẹ̀ wọ́n wò fúnra mi. Ṣé ẹ ní ìwé ẹ̀rí NEPC tó fún yín láṣẹ láti kó ọjà jáde? Ta ló máa bá àwọn NAQS gba ìwé ìlera ohun ọ̀gbìn? Àbúrò mi fẹ́ wá kí yín ní ilé-iṣẹ́, yóò sì ṣí fídíò WhatsApp kí èmi náà lè rí ibi tí ẹ ti ń lọ̀ ọ́. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tiwa wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin náà ẹ yẹ̀ wá wò.

Ní ti owó, mi ò lè san gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ohun tí mo rò ni pé kí n san 30% tá a bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí n san 70% tó kù nígbà tí ẹ bá fi ẹ̀dà ìwé ẹrù tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún yín ránṣẹ́. Àdéhùn tí báńkì fi ń dúró fún ẹni tó ń rajà, èyí tí àwọn olówó ńlá ń lò, kò bá wa mu. Owó tí báńkì máa gbà á jẹ èrè irinwó kílò tán. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín gẹ́lẹ́ bó ṣe wà ní CAC nìkan ni màá sanwó sí, kì í ṣe ti ẹni kankan, ì báà jẹ́ tiyín fúnra yín, Alhaja. Ṣé báńkì yín ti bá yín ṣe fọ́ọ̀mù NXP tí wọ́n fi ń kó ọjà jáde rí? Iye tí ẹ bá sì dá lé kílò kan, ṣé títí dé Àpápá ni, àbí ilé-iṣẹ́ yín ló mọ?

Mi ò kì í lọ síṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Aago yín fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa lásìkò yìí, nítorí náà aago mẹ́wàá yín dára fún mi. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Ẹ bá mi kí àwọn tó ń bá yín lọ̀ ọ́.

Ọmọ yín,
Fọláṣadé