Àkópọ̀ ojú-ewé kan fún sẹ́mínà: òwò ẹrú àti àìfọkàntánni ní Áfíríkà

Nathan Nunn àti Leonard Wantchekon, American Economic Review, 2011, ìdìpọ̀ 101. Fún ìjíròrò Ọjọ́bọ̀, kíláàsì másítà. Ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, kó ṣáà mú Tébù 2 wá.

Ìbéèrè wọn. Òwò ẹrú ti dópin tipẹ́. Ṣé ó ṣì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ Áfíríkà òde òní fọkàn tán aládùúgbò rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ni wọ́n sọ. Nunn ti fi hàn ní 2008 pé ibi tí wọ́n ti kó ẹrú jù lọ náà ló tòṣì jù lónìí. Ọ̀nà tí ìyẹn gbà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wá níbí. Ogun nìkan kọ́ ló ń sọni di ẹrú nígbà náà. Wọ́n ń jí èèyàn gbé, wọ́n ń fi ẹ̀tàn mú èèyàn, ìbátan sì ń ta ìbátan. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fura ló ń pẹ́ láyé, ìfura náà sì di ohun tí òbí ń fi kọ́ ọmọ.

Dátà. Ìwádìí Afrobarometer ti 2005 ni wọ́n lò, ní orílẹ̀-èdè 17, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 20,000. Wọ́n bi kálukú bó ṣe fọkàn tán mọ̀lẹ́bí, aládùúgbò, ẹ̀yà tirẹ̀, ẹ̀yà mìíràn àti ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 3. Wọ́n wá so ẹ̀yà olúkúlùkù mọ́ iye ẹrú tí wọ́n kó nínú ẹ̀yà náà gba Òkun Àtìláńtíìkì àti Òkun Íńdíà, wọ́n sì pín in fún ìwọ̀n ilẹ̀ wọn:

```
ln(1 + ẹrú/ilẹ̀)
```

Àbájáde. Bí ẹrú tí wọ́n kó nínú ẹ̀yà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìfọkàntán ń dín kù: aládùúgbò −0.159, ẹ̀yà kan náà −0.144, mọ̀lẹ́bí −0.133, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ −0.111, ẹ̀yà mìíràn −0.097. Kò sí èyí tí a lè pè ní èèṣì nínú wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò: àjèjì kọ́ ni ìfura pọ̀ sí jù, àwọn tó súnmọ́ni ni. Lójú tèmi, ibi tí àpilẹ̀kọ yìí ti lágbára jù nìyẹn, àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn kò sì tẹnu mọ́ ọn tó.

Àmọ́ bóyá àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn látilẹ̀ ló rọrùn fún láti ta ara wọn? Ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ fún wọn nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìtàn amúnisìn kún un: reluwé, àwọn míṣọ́nnárì, àwọn aṣàwárí. Wọ́n ṣírò pé ohun tí a kò rí ní láti lágbára tó ìlọ́po 3 sí 11 ohun tí a rí kí ó tó lè pa àbájáde náà rẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi bí ẹ̀yà ṣe jìnnà sétí òkun ṣe ínsírúmẹ́ǹtì, ìyẹn ohun tó kan iye ẹrú tí wọ́n kó àmọ́ tí kò kan ìfọkàntán ní tààràtà. Àbájáde kò yí padà. Wọ́n tún dán an wò ní Éṣíà, níbi tí òwò yìí kò dé: jíjìnnà sí òkun kò fi ìfọkàntán kún un níbẹ̀.

Ní ìparí, wọ́n wo ohun tí èèyàn gbé dání láti inú ẹ̀yà rẹ̀ àti ohun tó bá níbi tó ń gbé. Àwọn méjèèjì ló ní ipa, ṣùgbọ́n ti inú, ìyẹn àṣà àti ìgbàgbọ́, ó kéré tán ó tó ìlọ́po méjì ti òde.

Ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì. Máàpù ẹ̀yà Áfíríkà tí George Murdock, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, yà ní 1959 ni wọ́n gbé ìṣirò lé. Ẹ fi ti àwa Yorùbá wò ó. Nínú ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Yorùbá ló ń kó Yorùbá. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀ ẹrú gbà dé etí ọ̀sà, ọmọ ogun Ìbàdàn sì kó Èkìtì lẹ́rú. Tí a bá wá fún gbogbo wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹni tó tà àti ẹni tí wọ́n tà ti di ọ̀kan náà nínú dátà. Èyí kò sọ pé irọ́ ni àbájáde náà. Ó kàn sọ pé a kò mọ ẹni tí ìfura náà kù sí lára.

Ká jíròrò. Ṣé ìfura ọmọ ẹni tó tà bá ti ọmọ ẹni tí wọ́n tà dọ́gba? Tí àṣà ló gbé e, kí ló dé tí àjọ àti èésú fi ń lọ geere láàárín wa, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ kó owó kì í sá lọ? Tí ẹ bá sì láǹfààní láti fi ìbéèrè kan kún ti Afrobarometer ní Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, èwo lẹ máa bi wọ́n? Kí kálukú kọ tirẹ̀ wá.