Èsì wa fún oníbàárà wa tó ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ìsọ̀ wa ní Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń fi àwòrán ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa wa ránṣẹ́ sí mi lórí wásáàpù. Mo kà á tán: ẹ ní aró àdìrẹ tí ẹ rà lọ́wọ́ wa jáde nígbà tí ẹ fọ̀ ọ́, ó sì ba léèsì funfun yín jẹ́, àti pé ọmọ ìsọ̀ wa pòṣé sí yín. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ti léèsì funfun yín. Ta ni kò ní bínú?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bú oníbàárà wa yìí nítorí tèmi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Owó wọn ni wọ́n ná.

Ẹ ní ayédèrú ni a tà fún yín, pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Rárá o, mà. Ẹ yí aṣọ náà padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: aró ti mu dé òdìkejì. Èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá ju iwájú lọ. Ẹ tún wo ìlà bátànì yẹn, ibì kan tín-ín-rín, ibì kan fẹ̀ díẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni ìyá tó yà á ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún, ọwọ́ èèyàn kì í sì í ya ìlà bí rúlà.

Ti aró tó jáde yẹn, bí ẹ̀lú ṣe rí nìyẹn. Tí wọ́n bá yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rẹ ẹ́. Èyí tó bá kù sójú aṣọ tí kò wọlé ló ń bá omi lọ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so ìwé pélébé mọ́ aṣọ pé kí ẹ dá a fọ̀, pẹ̀lú omi tútù. Inú ọ̀rọ̀ yín lẹ ti sọ pé ẹ rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ léèsì náà di ọjọ́ kejì. Ìyá mi, aró kò ní ojú àánú.

Ti ọmọ tí ẹ ní ó pòṣé sí yín, òun ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò sí ńbẹ̀, nítorí náà mi ò ní dájọ́. Ẹ bá mi gbà á ní ẹ̀bẹ̀.

Ẹ kó aṣọ méjèèjì wá. Ẹ má fi jíìkì kan léèsì yẹn, ẹ má sì lọ̀ ọ́. A ó ní kí aláró wa wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè ṣèlérí pé yóò funfun bíi tàtijọ́. Àdìrẹ náà, ojú yín la ó ti ṣan án. Tí omi ẹ̀ẹ̀kẹta kò bá mọ́, ẹ mú òmíràn tó jẹ́ iye kan náà. Láti aago mẹ́sàn-án la máa ń wà ní ìsọ̀, àfi ọjọ́ Àìkú.