Àròkọ Kejìlélógún

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá nígbà tí olùkọ́ náà kan àròkọ kejìlélógún nínú 40 tó ní láti máàkì, oorun sì ti ń kùn ún. Ìwé Kọ́lá ni, ọmọ tí kì í lè kọ gbólóhùn mẹ́ta láìṣì, síbẹ̀ ó kọ ojú-ewé méjì gbáko nípa ikú bàbá rẹ̀ àgbà láìsí àṣìṣe kan ṣoṣo.

Ó fa fọ́ọ̀mù ìfẹjọ́sùn yọ, ó kọ orúkọ ọmọ náà sí i, ó sì dáwọ́ dúró. Bí fọ́ọ̀mù náà bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, òdo ni Kọ́lá yóò gbà. Bí òun bá sì dákẹ́, kí ni òun yóò sọ fún àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ tiwọn, tí wọ́n gba 5 nínú 10? Ká sọ òótọ́, àárẹ̀ pàápàá ń dá sí ìdájọ́ náà.

Ó tún un kà. Bàbá àgbà inú àròkọ náà máa ń ka àtẹ̀gùn sókè bó ṣe ń gùn ún, ohun tí Kọ́lá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un rí. Ìtàn náà jẹ́ ti ọmọ náà. Gbólóhùn rẹ̀ ni kò dá a lójú.

Ó ti fọ́ọ̀mù náà bọ inú dúrọ́ọ̀ láìfọwọ́ sí i, ó sì fi báírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé: “Wá rí mi kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Níwájú mi ni wàá ti tún ìpínrọ̀ kejì kọ.”