Tánkì omi iyọ̀: ohun tó wọlé, ohun tó jáde

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀, ìṣirò tánkì tí mo ṣèlérí ní Ọjọ́bọ̀ nìyí. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú ìdọ́gba tí wọ́n bá ti kọ ọ́ fún un yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí ẹ fúnra yín kọ ọ́ láti inú ìtàn omi àti páìpù, kálàmù á dúró. Kíkọ ọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́, ibẹ̀ la sì máa pẹ́ sí.

Ìbéèrè náà rèé. Ní ibì kan tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín tà nílùú Òṣogbo níbí, tánkì kan wà tí wọ́n ń tọ́jú omi iyọ̀ sí. Omi iyọ̀ ló ń mú kí agolo yìnyín tutù, torí òun fúnra rẹ̀ kì í tètè dì bí omi lásán. Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, 400 lítà ló wà nínú tánkì náà, 20 kílò iyọ̀ sì ti yòrò sínú rẹ̀. Wọ́n ṣí páìpù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti òkè ń da lítà 8 wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ tó wà nínú lítà kan rẹ̀ sì jẹ́ 0.2 kílò. Ti ìsàlẹ̀ ń gbé lítà 8 jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ro omi inú tánkì pọ̀ láìdúró. Kílò iyọ̀ mélòó ló máa wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn 50 ìṣẹ́jú?

Ẹ má fojú fo gbólóhùn tó ní wọ́n ń rò ó láìdúró yẹn. Ẹ rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun tí mo gbé síwájú yín, èyí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Mo da iyọ̀ tí mo rà ní Ọjà Ọba sí i, mi ò rò ó. Ọ̀kan nínú yín fi ṣíbí bu ti òkè tọ́ wò, ó ní omi lásán ni. Ó tún gba ti ìsàlẹ̀ sẹ́nu, ojú rẹ̀ fún pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo wá fi orógùn rò ó títí tí horo iyọ̀ kankan ò fi ṣẹ́kù, òkè àti ìsàlẹ̀ di bákan náà lẹ́nu. Ohun tí ríro ṣe fún wa nìyẹn: lítà tó ń jáde àti lítà tó ṣẹ́kù, iyọ̀ kan náà ló wà nínú wọn. Bí wọn ò bá rò ó, a ò lè mọ iye iyọ̀ tó ń bá páìpù ìsàlẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ wọ́n lórúkọ. `S` ni kílò iyọ̀ tó wà nínú gbogbo tánkì. Kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe iyọ̀ inú lítà kan. `t` ni ìṣẹ́jú tó ti kọjá láti agogo mẹ́jọ. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sórí ìwé kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Ìyàwó olójà tó ń ṣírò owó lálẹ́ mọ ohun tó kàn: èyí tó wọlé, ká yọ èyí tó jáde kúrò, ìyẹn ni owó ọwọ́ fi pọ̀ sí i tàbí tó fi dín. Iyọ̀ náà kò yàtọ̀. Èyí tó ń wọlé rọrùn: lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, 0.2 kílò nínú lítà kan, ó jẹ́ 1.6 kílò ní ìṣẹ́jú kan. Kò ní í yí padà.

Èyí tó ń jáde ló ń dà yín láàmú. Ẹnì kan nínú yín ṣe é báyìí: 20 kílò nínú 400 lítà, ìyẹn 0.05 nínú lítà kan. Lítà 8 ló ń jáde, nítorí náà 0.4 kílò ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó wá kọ ọ́ pé iyọ̀ ń fi 1.2 kílò lé sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí lọ. Ẹ jẹ́ ká bá a lọ síbi tó ń lọ. Lẹ́yìn 100 ìṣẹ́jú, iyọ̀ á jẹ́ 140 kílò, ìyẹn 0.35 nínú lítà kan. Báwo ni omi tánkì ṣe máa níyọ̀ ju omi tí wọ́n ń dà sí i lọ? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní agogo mẹ́jọ gan-an, 0.4 tó kọ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nínú tánkì, bẹ́ẹ̀ ni lítà tó ń jáde ń gbé iyọ̀ púpọ̀ sí i dání. Nítorí náà, `S` fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó ń jáde: `S/400` nínú lítà kan, nígbà 8, tí í ṣe `S/50` ní ìṣẹ́jú kan.

Láàárín àkókò kékeré kan, ká pè é ní `Δt`:

```
ΔS ≈ 1.6·Δt − (S/50)·Δt
```

Mo fi àmì ìsúnmọ́ síbẹ̀ torí `S` ń yí díẹ̀ kódà láàárín àkókò kékeré yẹn. Ẹ pín méjèèjì sí `Δt`, kí ẹ sì jẹ́ kí `Δt` máa kéré lọ sí òdo:

```
dS/dt = 1.6 − S/50,   S(0) = 20
```

Ìdọ́gba wa nìyẹn. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀: kílò ní ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tó bá kọ `0.2 − S/400` ti gbàgbé láti fi lítà 8 sọ ọ́ di púpọ̀, ìwọ̀n yìí ló sì máa tú u fó.

Yíyanjú rẹ̀ ò gba àkókò. Ẹ ya `S` sọ́tọ̀ kúrò lára `t`, ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ 20 sí i:

```
S(t) = 80 − 60·e^(−t/50)
S(50) = 80 − 60·e^(−1) ≈ 57.9
```

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 58 kílò. Bí ìṣẹ́jú bá ń pọ̀ sí i, `S` á máa sún mọ́ 80, kò sì ní í kọjá rẹ̀. 80 nínú 400 lítà jẹ́ 0.2, iyọ̀ omi tó ń wọlé gan-an. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i bí ó ṣe bọ́ síra wọn báyìí.

Wàyí o, ká ní lítà 6 péré ló ń jáde. Omi tánkì ò dúró sí 400 mọ́, lítà 2 ló ń lé sí i ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà `400 + 2t` ló gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀:

```
dS/dt = 1.6 − 6S/(400 + 2t) = 1.6 − 3S/(200 + t)
```

Tí tánkì náà bá gba 1,000 lítà, ó máa kún ní ìṣẹ́jú 300. Lẹ́yìn ìyẹn, omi á máa ṣàn sílẹ̀, ìdọ́gba yìí ò sì bá a mu mọ́. Mo ti yanjú rẹ̀ fún un yín kí ẹ lè fi yẹ iṣẹ́ yín wò:

```
S(t) = 0.4(200 + t) − 480000000/(200 + t)^3
```

Ẹ fi `t = 0` sí i, ẹ óò rí 20. Ẹ fi `t = 300` sí i, ẹ óò rí 196.16 kílò.

Fún Sátidé: ká ní lítà 10 ló ń jáde, tí lítà 8 ṣì ń wọlé. Ẹ kọ ìdọ́gba rẹ̀ nìkan, ẹ má yanjú rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí tánkì máa gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n.