Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ìjábọ̀ fún Àwọn Olùdókòwò, Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án 2025

Ọjọ́: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 2025, aago 10:04 sí 11:25 òwúrọ̀, lórí fídíò.

Àwọn tó wà ní ìpàdé: Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gá Àgbà, Olórí Ìṣúná, Olórí Ẹ̀rọ, Olùdókòwò Kìíní, Kejì àti Kẹta (bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ìwé ìpín), Akọ̀wé. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ tọrọ gáfárà.

1. Ìpàdé tó kọjá

A ka àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù Keje. Olùdókòwò Kẹta dábàá pé kí a gbà á wọlé, Olùdókòwò Kìíní sì kín wọn lẹ́yìn. Nínú ohun mẹ́ta tí a ṣèlérí nígbà náà, méjì ti parí. Ìkẹta ni gbígba olórí títà, èyí tí kò tíì ṣeé ṣe (wo ìpín 5).

2. Owó tó ń wọlé

Olórí Ìṣúná jábọ̀ pé owó tí àwọn oníbàárà ń san lóṣooṣù kúrò ní $41,200 ní ìparí oṣù Kẹfà, ó di $46,800 ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. $52,000 ni a fojú sùn, nítorí náà a fi $5,200 dín. Àwọn oníbàárà tó ń sanwó jẹ́ 515 tẹ́lẹ̀; 112 tuntun wọlé, 42 lọ, ó ku 585.

Olùdókòwò Kejì béèrè iye tí oníbàárà tó tóbi jù lọ ń san. Olórí Ìṣúná ní $9,360 lóṣù, ìyẹn ìdá 20 nínú 100 gbogbo owó náà. Olùdókòwò Kejì wá ní, tí a bá yọ ẹni yẹn kúrò, nǹkan bíi $64 ló kàn oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe $80 tó wà nínú àfihàn. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ìwé àdéhùn oníbàárà ńlá náà yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ọ̀gá Àgbà ní ọ̀rọ̀ ìtúnṣe àdéhùn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

3. Ìdí tí àwọn oníbàárà fi ń lọ

Ibí ni a pẹ́ sí jù. Nínú àwọn 42 tó lọ, 27 jẹ́ ẹni tuntun tí kò tíì lo ọjọ́ 60. Olórí Ẹ̀rọ fi àkọsílẹ̀ lílo ọ̀kan nínú wọn hàn wá: oníṣòwò kan tí ọjà inú ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ oríṣi 1,400. Ó fọwọ́ tẹ ọjà 63 wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó tẹ 4 lọ́jọ́ kejì, kò sì padà wá mọ́. Alága ní kí wọ́n tún un fi hàn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀gá Àgbà gbà pé ìpolówó ni àwọn ń dá lẹ́bi láti oṣù Kẹjọ, nígbà tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ìwọlé gan-an ló dí. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí oníbàárà lè gbé fáìlì ọjà tó ti ní lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí Ẹ̀rọ kọ́kọ́ dá ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Olùdókòwò Kìíní béèrè bóyá àwọn kan náà kọ́ ni yóò tún ṣiṣẹ́ dídín owó sẹ́fà kù. Àwọn kan náà ni. A sún ọjọ́ náà sí 14 oṣù Kọkànlá, ogún oníbàárà tuntun ni yóò sì kọ́kọ́ dán an wò.

4. Owó tó wà ní báńkì

Owó tó wà ní báńkì ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án jẹ́ $612,000. Ìpíndọ́gba owó tó ń jáde lóṣù jẹ́ $98,000, èyí tó ń wọlé sọ́wọ́ jẹ́ $44,000. Nítorí náà, $54,000 ni a ń bù nínú owó ìpamọ́ lóṣooṣù.

Ojú ìwé 7 nínú àfihàn sọ pé owó yìí yóò gbé wa fún oṣù 14. Olùdókòwò Kìíní ní ìṣirò tiwọn fún wọn ní 11 àti díẹ̀, wọ́n sì béèrè ibi tí ìyókù ti wá. Olórí Ìṣúná ṣàlàyé pé a ti ka $120,000 mọ́ ọn, owó ọdún kan tí a ń retí lọ́wọ́ oníbàárà ńlá inú ìpín 2 tó bá tún àdéhùn ṣe. Olùdókòwò Kìíní ní òjò ṣú kọ́ ni òjò rọ̀, kí a má da omi inú agbada nù. Ọ̀gá Àgbà tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní àwọn fúnra wọn ló ní kí a kà á mọ́ ọn, kì í ṣe Olórí Ìṣúná.

Ìpinnu: oṣù 11 ni iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Láti ìsinsìnyí lọ, owó tí kò tíì wọ báńkì kò gbọdọ̀ sí nínú ìṣirò oṣù tí owó yóò gbé wa.

Ọ̀gá Àgbà ṣèlérí pé láti oṣù Kìíní 2026, iye tí a ń bù lóṣù yóò já sí $45,000: owó sẹ́fà yóò kúrò ní $11,000 bọ́ sí $7,500, ìpolówó yóò kúrò ní $9,000 bọ́ sí $3,500. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó yóò gbé wa dé ìparí oṣù Kẹwàá 2026. Olùdókòwò Kẹta béèrè bóyá ìpolówó tó dín kù kò ní dí ọ̀nà oníbàárà tuntun. Ọ̀gá Àgbà ní ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èrè nínú kí a máa sanwó pe ẹni tí yóò yà lọ láàárín oṣù méjì.

5. Òṣìṣẹ́

A dá gbígba olórí títà dúró títí di ìpàdé tó ń bọ̀. Ọ̀gá Àgbà ni yóò ṣì máa tà.

6. Owó tuntun

Ọ̀gá Àgbà béèrè $250,000, owó tí yóò di ìpín nígbà tí a bá tún kó owó jọ. Olùdókòwò Kìíní ní àwọn yóò mú $150,000 sílẹ̀ bí ohun méjì bá ṣẹ kí ọdún tó parí: kí oníbàárà ńlá tún àdéhùn fọwọ́ sí, kí iye àwọn ẹni tuntun tó ń lọ kí ọjọ́ 60 tó pé sì kúrò ní ìdá 24 nínú 100 sí abẹ́ 15. Olùdókòwò Kẹta yóò so wá pọ̀ mọ́ ẹni méjì tó ń dókòwò.

Olùdókòwò Kejì ní ọkàn àwọn fà sí i, ṣùgbọ́n àwọn yóò bá ìgbìmọ̀ àwọn sọ̀rọ̀ ná. (Akọ̀wé kò kọ èyí sílẹ̀ bí ìlérí, Olùdókòwò Kejì fúnra wọn ló sọ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀.)

7. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

- Olórí Ìṣúná: àtúnṣe ojú ìwé 7, kí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà, iye owó inú báńkì àti iye oníbàárà ní ọjọ́ 5 oṣooṣù.
- Olùdókòwò Kẹta: lẹ́tà ìfinimọni fún àwọn ẹni méjì náà, ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá.
- Olórí Ẹ̀rọ: gbígbé fáìlì ọjà wọlé, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, dídín owó sẹ́fà kù, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá.
- Ọ̀gá Àgbà: èsì oníbàárà ńlá, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò pe Alága lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ìpàdé.
- Olùdókòwò Kejì: èsì ìgbìmọ̀ wọn, kí oṣù Kọkànlá tó parí.

Ìpàdé tó ń bọ̀: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2026, aago 10 òwúrọ̀. Olùdókòwò Kìíní ní kí àfihàn dé ọwọ́ àwọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, aago 9 àárọ̀ òní ló dé.

Alága pa ìpàdé dé ní aago 11:25.