Ẹ̀rí Owó fún Físà Ọmọ Yín: Bí Òbí Ṣe Ń Tò Ó Láti Ilé

Òkun o, ẹ̀yin òbí. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti rí ààyè ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ to ìwé owó sílẹ̀ kí ọmọ tó jókòó ti fọ́ọ̀mù físà, ni mo kọ èyí fún. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń lọ sí Kánádà tàbí Jámánì yóò rí díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Fúnmi, ọmọ Kàbbà, ṣe àpẹẹrẹ. Máàsítà ọdún kan ló fẹ́ lọ kà, ní ìlú tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Ìyàrà títí dé Ìsánlú, ó sì ń kó o tà fún àwọn oníbàárà ńlá.

Èló ni?

Owó ilé-ìwé tó wà lórí CAS Fúnmi, ìyẹn ìwé tí yunifásítì fi máa ń jẹ́rìí pé àwọn ti gba ọmọ, jẹ́ £16,000. Wọ́n ti san £5,000, ó ku £11,000. Ẹ wo CAS náà dáadáa bóyá owó tí ẹ ti san ti hàn níbẹ̀. Bí kò bá hàn, ẹ ní kí ilé-ìwé tún un ṣe, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ odindi £16,000 ni ẹni tó ń wo ìwé lè bá yín kà.

Owó oúnjẹ àti ilé wá kàn. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025, £1,171 lóṣù ni ìjọba ibẹ̀ ń béèrè fún ẹni tí kò ní gbé Lọ́ńdọ̀nù, £1,529 fún ẹni tí yóò gbé ibẹ̀. Oṣù 9 ni wọ́n ń kà mọ, bí ẹ̀kọ́ náà tilẹ̀ gba oṣù 12. Ti Fúnmi jẹ́ £10,539. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ owó ilé-ìwé tó kù, ó di £21,539. Bí pọ́ùn kan bá jẹ́ ₦2,000, ₦43,078,000 nìyẹn.

Ẹ má fi iye yẹn gan-an sílẹ̀ o. Ìkànnì pàṣípààrọ̀ owó tó ń jẹ́ OANDA ni wọ́n fi ń ṣírò, náírà kò sì bá ẹnikẹ́ni dúró síbì kan. Ẹ fi mílíọ̀nù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé e. Owó ìlera, £776 fún ọdún kan, àti owó físà fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ wá a sọ́tọ̀, nítorí ọjọ́ tí ọmọ bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni wọn yóò gbà á.

Àkáǹtì ta ni?

Ti ọmọ fúnra rẹ̀, ti bàbá tàbí ti ìyá, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó wà ní Àbújá kò sí lára wọn, bó ti wù kó lówó tó. Bí ó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, kí ó fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì Fúnmi tàbí ti òbí rẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà pé ẹ̀bùn ni, kí owó náà sì jókòó síbẹ̀ pé ọjọ́ tí òfin sọ. Àkáǹtì tó wà lórúkọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé-iṣẹ́ kò wúlò níbí, èyí sì máa ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà lójijì. Ìyá Fúnmi ní láti kó owó kúrò nínú àkáǹtì òwò sínú èyí tó ń jẹ́ orúkọ òun gan-an.

Orúkọ! Bí ìwé ìbí ọmọ bá kọ orúkọ ìyá bó ṣe ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ, tí báńkì sì kọ orúkọ ọkọ, ẹ so ìwé ìgbéyàwó mọ́ ọn. Ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn ni ó dájú jù.

Ọjọ́ 28

Níbí ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 28 léraléra tí owó náà kò fi ní dín sí iye tí wọ́n béèrè. Kò gbọdọ̀ dín fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ ìkẹyìn nínú 28 yẹn kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kí fọ́ọ̀mù tó wọlé. Bí owó Fúnmi bá pé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 30 oṣù náà ló pé 28. Kí ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí oṣù Keje tó parí.

Ẹ wá fi ojú inú wo sítétímẹ́ńtì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, báńkì yọ owó SMS. Ọjọ́ 17, àgbẹ̀ kan pe ìyá Fúnmi pé kajú tó ṣẹ́kù ti wà nílẹ̀, ìyá náà sì tíráńsífà ₦600,000 fún un. Ọjọ́ 19, owó tuntun wọlé, ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí ₦600,000 yẹn bá ti fa owó náà sísàlẹ̀ iye tí wọ́n fẹ́, ọjọ́ 19 ni kíkà tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí káàdì ATM àkáǹtì yẹn wà lọ́wọ́ bàbá, kí owó òwò máa gba ibòmíràn.

Níbo lowó ti wá?

Owó tó kàn já wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo máa ń fa ìbéèrè. Nítorí náà, gbogbo owó ńlá tó bá wọlé ni kí ẹ so ìwé kan mọ́. Ti bàbá: lẹ́tà gíráṣúítì àti ti owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù. Ti ìyá: rìsíìtì àwọn tó ra kajú, ìwé ìwọ̀n àti ìwé ọkọ̀ tó gbé ẹrù. Kajú ń bọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún. Ẹ gbé owó lọ sí báńkì bí ẹ ti ń tà á. Ẹ má kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì di oṣù Kẹfà. Àjọ: lẹ́tà olórí àjọ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí ẹ ti ń dá a. Ilẹ̀ tí ẹ tà: ìwé àdéhùn.

Ẹ ó pàdé ẹni tí yóò ní òun yóò yá yín ní owó ọjọ́ 28, kí ẹ san èlé fún òun. Èmi kò ní gbà yín níyànjú láé. Bí sítétímẹ́ńtì bá sì jẹ́ ayédèrú, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ fún ọdún 10.

Lẹ́tà òbí

Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ nìyí:

*Èmi ni bàbá Fúnmi, ẹni tí nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù yìí. Mo fọwọ́ sí i pé kí ó lo owó tó wà nínú àkáǹtì mi, tí sítétímẹ́ńtì rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, fún owó ilé-ìwé àti ìgbé-ayé rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni. Ìwé ìbí rẹ̀ tó fi hàn pé èmi ni bàbá rẹ̀ wà níbí.*

Ọjọ́, ìbuwọ́lùwé, fóònù. Bí owó bá wà lọ́dọ̀ ìyá náà, kí ó kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kánádà àti Jámánì

Kánádà ń béèrè dọ́là tiwọn 22,895 fún ọmọ tó dá lọ, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé àti ọkọ̀ òfuurufú. Kẹ̀bẹ́ẹ̀kì ní iye tirẹ̀. Ọ̀nà tí owó gbà wọlé ni wọ́n ń wò níbẹ̀ jù, ẹ gba sítétímẹ́ńtì oṣù mẹ́fà. Ní ti Jámánì, €11,904 ni ẹ ó tì mọ́ àkáǹtì pàtàkì kan lórúkọ ọmọ. Nígbà tó bá débẹ̀, €992 ni yóò máa rí gbà lóṣooṣù.