Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ààbò fún Òṣìṣẹ́ Tuntun: Ilé Iṣẹ́ Àga àti Ibùsùn, Kúgbo, Àbújá

Fún ẹni tí yóò sọ ọ́: Èyí ló rọ́pò ìwé àtijọ́ tó kún fún èdè àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, èyí tí àwọn ọmọ tuntun máa ń gbọ́ tí wọ́n á kàn máa mi orí. Má jókòó kà á. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn oníná, yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí gbogbo wọn lè rí ọwọ́ rẹ. Ibi tí mo bá kọ "Ṣe é" sí, ṣe é lójú wọn kí o tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ìbéèrè, dáhùn lójú ẹsẹ̀, má sọ pé kó di ìparí.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ sì kú ìrìn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín ti Màràrábá wá, ó sì ti bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Nyánya wọ̀jà kó tó dé ibí. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ mu omi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò béèrè pé kéèyàn ti ṣiṣẹ́ káfíńtà rí. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí olúkúlùkù yín gbé wá síbí ni mo fẹ́ kó máa gbé padà relé lójoojúmọ́.

Ẹ̀rọ tó dúró, kò tíì kú

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wo ayùn yìí. Ká ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí NEPA wá mú iná lọ. Á dúró jẹ́ẹ́. Ṣé ó ti kú?

(Jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ọ̀pọ̀ á ní ó ti kú.)

Kò kú o. Bọ́tìnì rẹ̀ ṣì wà ní títàn. Iná nìkan ló ń dúró dè. Bí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti yọ èérún pákó tó há sí i, tí wọ́n sì mú iná dé, irin yìí á ti yí kó tó rántí fa ọwọ́. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀, àti èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sì mọ̀ pé ní ìlú yìí, iná kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Jẹnẹrétọ̀ tún wà níbẹ̀: ẹni tó wà lẹ́yìn ilé tó fẹ́ tan án kò rí ọ, kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ wà lábẹ́ irin.

Nítorí náà, kí ọwọ́ yín tó kan irin yìí fún ohunkóhun, ì báà jẹ́ láti pààrọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ láti gbá èérún, bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ṣe é.

Pa bọ́tìnì. Dúró títí irin á fi dẹ́kun yíyí, torí ó máa ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa á. Yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, gbé e sí ibi tí ojú rẹ á ti máa rí i. Àwọn ẹ̀rọ ńlá méjì tó wà lọ́hùn-ún kò ní pílọ́ọ̀gì, wáyà wọn wọ inú àpótí iná ara ògiri lọ tààrà. Fún ti àwọn yẹn, fa ọwọ́ àpótí náà wálẹ̀, fi àgádágodo rẹ tì í, kí o fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara rẹ. Àpò ara rẹ ni mo wí. Má gbé e sórí tábìlì, má fún ọ̀rẹ́ bá ọ mú un dání. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ jọ ń tún un ṣe, àgádágodo méjì ló máa wà lára rẹ̀, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ní ìparí, tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tan án wò. Bí kò bá mira, ọkàn rẹ balẹ̀. Tún bọ́tìnì náà pa kí o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe, kí ẹ tó sọ pé "ẹ kú òkùnkùn" síra yín, ni kí ẹ pa bọ́tìnì gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ wà nídìí rẹ̀.

Bí ẹ bá rí àgádágodo ẹlòmíì lára àpótí iná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí oníbàárà ń pariwo, bí ọ̀gá ń pariwo, ẹni tó ní i nìkan ló ń ṣí i. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ju gbogbo ìyókù lọ.

Nígbà tí ayùn bá ń ṣiṣẹ́

Irin lè gbá pákó mú kó sì jù ú padà sẹ́yìn pẹ̀lú agbára. Ẹni tó bá dúró tààrà lẹ́yìn pákó náà, ikùn rẹ̀ ló máa bà. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, báyìí. Ṣe é. Bí pákó bá ti kúrú débi pé ìka fẹ́ sún mọ́ irin, ẹ fi ìka sílẹ̀, ẹ gbé igi tí a fi ń tì í yìí. Ó so mọ́ ara tábìlì, kò sí ẹni tó ní láti wá a kiri.

Ìbòrí tó wà lórí irin yìí kò gbọ́dọ̀ kúrò. Àwọn kan á sọ fún yín pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ yọ ọ́, ọ̀gá ni o, àgbà ni o, ẹ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀, kí ẹ wá bá mi. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n bá yín wí nítorí rẹ̀.

Pákó àlòkù máa ń ní ìṣó nínú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú méjèèjì kó tó kan ayùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ìbọ̀wọ́ wá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má wọ̀ ọ́ nídìí ayùn tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò. Bí irin tó ń yí bá mú aṣọ ìbọ̀wọ́, ó máa fa gbogbo ọwọ́ wọlé. Ìgbà tí ẹ bá ń ru pákó ni ìbọ̀wọ́ wúlò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ bùbá tó fẹ̀, ṣéènì ọrùn àti tẹ̀sùbáà. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wọ híjáàbù, ẹ ki etí rẹ̀ sínú aṣọ iṣẹ́.

Awò tó bo ojú pátápátá jẹ́ dandan, torí èérún igi tó bá ta sójú lè fọ́ ọ. Ní ti etí: bí mo bá na ọwọ́ kàn ọ́ léjìká, tí mo sì ní láti pariwo kí o tó gbọ́ mi, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Fi ohun ìdí-etí sí i. Etí tí ariwo bá ti bà jẹ́ kì í padà sípò.

Eruku pákó ńkọ́? Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Háńkáṣíìfù tí ẹ so mọ́ imú kò dá èyí tó kúnná dúró. Ìbòmú tí a fún yín ni kí ẹ lò, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ìta bá tún kún tinú ilé. Ẹ má fi atẹ́gùn ẹ̀rọ fọ́n eruku kúrò lára aṣọ tàbí ara yín.

Tínà, ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù

Ibi tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èéfín tínà wúwo ju atẹ́gùn lọ, ó máa ń rọra rìn nílẹ̀, ojú kì í rí i. Ó lè ti yàrá ọ̀dà rìn dé ibi tí ẹnì kan ti ń ṣáná sí sìgá, kí iná sì tọ ipa rẹ̀ padà wá. Ẹ pa ìdérí agolo dé ní kété tí ẹ bá ti bu tó, ẹ ṣí fèrèsé méjèèjì. Kò sí sìgá, kò sí sítóòfù, kò sí fífi irin jó irin nítòsí ibẹ̀.

Ohun kan wà tí kì í wọ àwọn ènìyàn létí. Àkísà tí a fi nu àwọn òróró kan tí a ń fi pa igi lára lè móoru fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ sójú kan, kó sì gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ má ká a jọ, ẹ má jù ú sínú èérún pákó. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ tì í sínú gárawá onírin tó ní omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Jẹnẹrétọ̀

Ìta ló ń gbé, ó sì jìnnà sí fèrèsé. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Ẹ má gbé e wọlé. Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jáde síta ná. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ kó tutù kí ẹ tó da epo sí i.

Bí iná bá sọ

Ẹ kígbe "Iná!" kí ẹ sì kígbe "Wúta!", torí ìdajì àwọn tó wà lẹ́yìn ilé, Hausa ni wọ́n ń gbọ́. Bí iná náà bá kéré, tí ẹnu ọ̀nà sì wà lẹ́yìn rẹ, gbé agolo ìpaná pupa. Ṣe é: fa pínnì yọ, dojú ẹnu rẹ̀ kọ ìdí iná, má kọ ọ́ sí orí rẹ̀, tẹ ọwọ́ rẹ̀, máa gbá a sí ọ̀tún sí òsì. Kò ní pé ìṣẹ́jú kan tó fi máa tán. Bí iná kò bá kú, fi í sílẹ̀ kí o jáde. Ẹ má da omi sí iná mànàmáná, ẹ má da omi sí tínà.

A máa pàdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, a ó ka ara wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ padà wọlé nítorí fóònù. Ẹni tó bá jáde kọ́kọ́ á pe 112, á sì sọ pé Kúgbo ni, ọ̀nà Nyánya, ilé tó ní géètì aláwọ̀ ewé.

Bí ẹnì kan bá fara pa

Ẹ pa ẹ̀rọ ná. Bí ó bá jẹ́ pé iná mànàmáná ló gbé e, ẹ má fọwọ́ kàn án títí iná á fi kúrò. Bí ọgbẹ́ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, má ṣe máa ṣí i wò. Bí iná bá jó ènìyàn, omi tútù ló nílò, kó máa ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Epo pupa kọ́, ẹyin kọ́, ọṣẹ ìfọyín kọ́.

Bí ìka bá já (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀), fi aṣọ mímọ́ wé e, fi í sínú ọ̀rá, kí o wá gbé ọ̀rá náà sínú ọ̀rá mìíràn tó ní yìnyín. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kan ìka náà fúnra rẹ̀. Òun àti ẹni tó ni ín ló máa jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọ̀nà Nyánya bá dí, ẹ dorí kọ Asókóró.

Ẹ sọ fún wa, bó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2010 lórí owó òṣìṣẹ́ tó fara pa fún yín ní ọjọ́ 14 láti fi tó wa létí, àwa náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó ìjọba létí. Ẹni tó bá fi ọgbẹ́ pa mọ́ torí ìbẹ̀rù pé a ó lé òun lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí a ó lé nítorí pé ó sọ̀rọ̀. A kò sì ní yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó oṣù yín nítorí rẹ̀.

Ó kù sí ọwọ́ yín

Mi ò ní bi yín bóyá ó yé yín. Ẹ bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi hàn mí bí o ṣe máa pa ayùn yìí kí o tó gbá èérún inú rẹ̀, láti bọ́tìnì títí dé ìgbà tí o máa tẹ̀ ẹ́ wò. Fi hàn mí bí o ṣe máa fi àgádágodo ti àpótí iná. Lẹ́yìn náà, mú mi rìn dé ibi tí agolo ìpaná wà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

(Ẹni tó bá gbàgbé, má bínú sí i, jẹ́ kó tún un ṣe. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe é délẹ̀ ni kó tó fọwọ́ síwèé, kì í ṣe ṣáájú. Bó bá ti fọwọ́ síwèé, fún un ní awò, ìbòmú, ohun ìdí-etí àti àgádágodo kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí o sì fi àwọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sára àgádágodo náà níṣojú rẹ̀.)